Abẹ̀bẹ̀ Kún Lójú Fóònù, Íńtánẹ́ẹ̀tì Ò Lọ

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ fún mi ni pé bí wọ́n bá mú iná lọ, íńtánẹ́ẹ̀tì òun á bẹ̀rẹ̀ sí í já fáfá. Bí iná bá dé, á tún di ìgbín. Ó ní ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun ti ń ṣọ́ ọ kí òun tó lè lajú sọ ọ́, torí òun rò pé ẹni tó bá gbọ́ á ní òun ò mọ ohun tí òun ń wí.

Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa to Wáìfáì sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn, mi ò sì tíì rí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ tó júwe àrùn yìí ṣe wẹ́kú bẹ́ẹ̀ rí. Ráútà ilé rẹ̀ ní bátìrì nínú, kì í kú bí iná bá lọ. Ẹkisitẹ́ńdà tó rà láti fi gbé Wáìfáì dé yàrá rẹ̀ ò ní bátìrì. Ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń gbé. Bí iná bá lọ, ẹkisitẹ́ńdà á kú, fóònù á fúnra rẹ̀ wá ráútà lọ láti ọ̀ọ́kán, ìpè fídíò tó ti ń gan tẹ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ohun tó fowó ara rẹ̀ rà kí íńtánẹ́ẹ̀tì lè sunwọ̀n gan-an ni kò jẹ́ kó sunwọ̀n.

"Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ máa ń kún," ó ní. "Bí mo bá tan ẹkisitẹ́ńdà yẹn, abẹ̀bẹ̀ á kún bámúbámú. Bí iná bá lọ, á ku méjì. Èwo wá ni ká gbà gbọ́?"

Abẹ̀bẹ̀ ló ń pe àmì Wáìfáì tó máa ń wà lókè ojú fóònù. Orúkọ náà bá a mu, òun náà ni màá máa lò.

Ilé rẹ̀ wà ní Àkóbọ̀ n'Íbàdàn. Bọ́ńgálò ni. Pálọ̀ wà níwájú, kọ́rídọ̀ gùn gba àárín ilé kọjá, yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì, ilé ìdáná àti yàrá tirẹ̀ sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ráútà onísíìmù ni wọ́n ń lò, ojú fèrèsé pálọ̀ sì ni wọ́n gbé e sí, nítorí ibẹ̀ nìkan ló ti ń rí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dáadáa. Mo wọ̀n ọ́n láti ojú fèrèsé yẹn dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀: ó tó mítà 17. Ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ló wà láàárín, fírísà ńlá kan tún dúró nínú ilé ìdáná, bẹ́ẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù kan wà nínú yàrá tí wọ́n fi dígí bo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Irin fírísà àti ẹ̀yìn dígí tí wọ́n fi fàdákà kùn ń lé ìgbì Wáìfáì padà ju búlọ́ọ̀kù lọ.

Ẹni tó ta ẹkisitẹ́ńdà fún un ti sọ fún un pé ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò bá ti dé ni kó lọ kì í bọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, abẹ̀bẹ̀ kún, inú rẹ̀ dùn. Ìmọ̀ràn yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ń ka ìwé yìí ni wọ́n ti fún nírú rẹ̀.

Ẹkisitẹ́ńdà kì í pèsè íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe. Ẹ rántí ṣọ́ọ̀ṣì tí oníwàásù ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wàásù, tí ògbufọ̀ dúró tì í tó ń yí i sí Yorùbá. Oníwàásù á sọ gbólóhùn kan, á dákẹ́. Ògbufọ̀ á tún un sọ, òun náà á dákẹ́. Oníwàásù á wá bọ́ sórí òmíràn. Bí ẹkisitẹ́ńdà ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn: ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu ráútà, á tún un sọ fún fóònù, ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu fóònù, á gbé e padà fún ráútà. Ìrìn méjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń rìn kó tó débi tó ń lọ. Ìrìn kìíní wà láàárín ráútà àti ẹkisitẹ́ńdà, ìrìn kejì wà láàárín ẹkisitẹ́ńdà àti fóònù. Bákìhọ́ọ̀lù ni àwa oníṣẹ́ ń pe ìrìn kìíní yẹn.

Ní báyìí, ẹ mú ògbufọ̀ kúrò lórí pẹpẹ, ẹ mú un lọ sí ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì fi gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. Àwọn tó jókòó lẹ́nu géètì á máa gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete. Bí ẹnì kan bá bi wọ́n bóyá ohùn ń dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á ní ó ń dé dáadáa. Àmọ́ ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ ò gbọ́ oníwàásù mọ́. Ìdajì gbólóhùn á dé etí rẹ̀, ìdajì á bá atẹ́gùn lọ. Á ní kí oníwàásù tún un sọ. Oníwàásù á tún un sọ, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, kó tó yé e. Ní gbogbo àkókò yẹn, ńṣe ni àwọn ará ẹnu géètì ń wo ẹni tó di gbohùngbohùn mú tí ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ.

Ohùn ògbufọ̀ nìkan ni abẹ̀bẹ̀ ń wọ̀n. Ìrìn kejì ni, ìrìn kejì náà sì ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ibì kankan nínú àmì yẹn tí fóònù ti lè sọ fún wa bóyá ẹkisitẹ́ńdà ń gbọ́ ráútà tàbí kò gbọ́ ọ. Nínú yàrá ẹ̀gbọ́n mi, ẹkisitẹ́ńdà ò jìnnà sí fóònù ju mítà kan lọ. Bó bá jẹ́ pé wọ́n yọ ráútà kúrò nínú ilé pátápátá, abẹ̀bẹ̀ ṣì lè kún.

Kí n tó sọ ohun tí mo bá níbẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tó ń fa ìfàsẹ́yìn náà gan-an, torí méjì ni, wọn ò sì wọn ìwọ̀n kan náà.

Àkọ́kọ́ ni iye tí ògbufọ̀ ń gbà lọ́wọ́ wa kódà tó bá ń gbọ́ dáadáa. Ìwàásù tí wọ́n ń tú máa ń gba ìlọ́po méjì àkókò. Ẹkisitẹ́ńdà olówó pọ́ọ́kú máa ń ní rédíò kan ṣoṣo, orí ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà ló ti ń bá ráútà àti fóònù sọ̀rọ̀, kò sì lè máa gbọ́ kó tún máa sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ráútà gbọ́dọ̀ dákẹ́. Nítorí náà, ohun tó lè gbé kọjá kì í ju ìdajì ohun tí ìrìn kìíní lè gbé lọ. Èyí ò burú jù. Bí ìrìn kìíní bá lè gbé 40, tí 20 dé yàrá, fídíò á lọ, ìpè á lọ, kò ní sí ẹjọ́.

Èkejì ló ń ba nǹkan jẹ́, òun sì ni ẹjọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Bí rédíò méjì ò bá gbọ́ ara wọn dáadáa, wọn kì í dákẹ́, wọ́n máa ń fa ọ̀rọ̀ ni. Bí èèyàn ṣe ń fa ọ̀rọ̀ fún àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti ń di ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á fi ìwọ̀nba nǹkan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó lè yé ara wọn. Lórí Wáìfáì ìran kẹrin, tó ṣì pọ̀ nínú ẹkisitẹ́ńdà olówó kékeré, tí a bá mú ìlà ọ̀rọ̀ kan lórí ṣánẹ́ẹ̀lì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ojoojúmọ́, rédíò tó ń gbọ́ra dáadáa lè bá èkejì rẹ̀ ṣe àdéhùn mẹ́gábíìtì 72 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí wọn ò bá gbọ́ra mọ́, àdéhùn náà lè wálẹ̀ dé 7. Ìlọ́po mẹ́wàá ti lọ nìyẹn, a ò sì tíì yọ àwọn ọ̀rọ̀ tó sọ nù lọ́nà tí wọ́n ní láti tún sọ, a ò sì tíì pín in sí méjì fún ògbufọ̀.

Ibí yìí ni 300 tí wọ́n ń kọ sára páálí ẹkisitẹ́ńdà ti máa ń tan èèyàn. Àdéhùn tí rédíò lè bá rédíò ṣe ni 300 yẹn, nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìlà ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, lórí ṣánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fẹ̀ sí ìlọ́po méjì, tí kò sì sí ògiri tàbí aládùúgbò tó ń dí wọn lọ́wọ́. Kì í ṣe iye tí yóò dé ọwọ́ yín. Nínú àdéhùn tó dára pàápàá, nǹkan bí ìdajì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń di iṣẹ́, ìyókù ń lọ sí ìkíni, ìdákẹ́ àti ìjẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ ti dé.

Ọjọ́ Sátidé ni mo dé Àkóbọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yí orúkọ Wáìfáì ẹkisitẹ́ńdà padà, kó yàtọ̀ sí ti ráútà. Ọ̀pọ̀ ẹkisitẹ́ńdà ló ń fi `_EXT` sí ìdí orúkọ náà fúnra wọn, àmọ́ ẹni tó bá a tò ó ti yọ ọ́ kí orúkọ má bàa pọ̀ jù. Kò burú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí orúkọ méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan, ẹ ò ní mọ èwo nínú wọn ni fóònù dì mọ́ nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, gbogbo ohun tí ẹ bá sì wọ̀n lè jẹ́ òfo.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ̀n ìyára lẹ́ẹ̀mẹta, fóònù kan náà, wákàtí kan náà. Mo dúró tì ráútà nínú pálọ̀: 32 ló fi hàn mí. Èyí ṣe pàtàkì kéèyàn má fò ó. Ká ní 4 ló fi hàn mí níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti jẹ́ ti òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tàbí ti dátà, ẹkisitẹ́ńdà ò ní í mọ̀ ọ́n. Mo wá lọ sí yàrá rẹ̀, mo wọlé sórí ẹkisitẹ́ńdà. Abẹ̀bẹ̀ kún. Ìyára jẹ́ 2.8. Mo yọ ẹkisitẹ́ńdà kúrò lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo jẹ́ kí fóònù wá ráútà lọ fúnra rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ku méjì nínú mẹ́rin. Ìyára di 7.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo ojú fóònù. "Ṣé o rí i?" ó ní. "Ohun tí mò ń sọ nìyẹn."

Ìdí tí 7 fi ju 2.8 ni pé ráútà àti fóònù ń sọ̀rọ̀ tààrà. Wọn ò gbọ́ra dáadáa, àmọ́ ìrìn kan ni. Ẹkisitẹ́ńdà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kan náà ò gbọ́ ráútà ju bí fóònù ṣe ń gbọ́ ọ lọ, ó sì tún ní láti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Níbi tí fóònù ti ń tiraka láti gbọ́ ráútà, ẹkisitẹ́ńdà náà ò ní gbọ́ nǹkan tó dára níbẹ̀.

Mo tún fi kọ̀ǹpútà alágbèéká mi wo ọ̀rọ̀ náà láti apá ibòmíì. Àṣẹ kan wà tó ń kan ilẹ̀kùn ráútà tó sì ń ka iye àkókò tí ìdáhùn fi ń padà wá. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé inú ilé ni ìbéèrè yìí ń pin sí, kò dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì rárá, nítorí náà bó bá lọ́ra, ẹ ò lè dá ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín lẹ́bi. Nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ ni ti ráútà. Ó lè yàtọ̀ nílé tiyín.

```
ping -n 20 192.168.0.1
```

Nígbà tí mo wà nítòsí ráútà, gbogbo ìdáhùn ń padà láàárín `2ms` sí `5ms`, ìyẹn ìdá kékeré nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú yàrá, lórí ẹkisitẹ́ńdà tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kún, ohun tí mo rí rèé:

```
Reply from 192.168.0.1: bytes=32 time=214ms TTL=64
Request timed out.
Reply from 192.168.0.1: bytes=32 time=47ms TTL=64
```

Ìlà àárín yẹn túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ lọ, kò bọ̀. Nínú ogún tí mo rán, mẹ́ta ni kò bọ̀, àwọn tó bọ̀ náà ń bọ̀ ségesège: èyí yá, èyí pẹ́. Ségesège yìí ló ń mú kí ojú ẹni tí a ń pè lórí fídíò gan, kí ẹnu rẹ̀ máa lọ lọ́tọ̀ kí ohùn máa lọ lọ́tọ̀. Ẹni tó kàn ń ka ìròyìn lórí fóònù lè má fura.

Ẹ̀rí tó kẹ́yìn wà nínú ẹkisitẹ́ńdà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ṣí ojú ewé ètò rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ráútà sí. Àwọn kan ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sọ ọ́, àwọn kan ń fi nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, tí `dBm` wà nídìí rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni ìgbọ́ràn ṣe dára tó. `-50` dára gan-an. `-60` sí `-65` dára fún iṣẹ́ ẹkisitẹ́ńdà. Tó bá ti kọjá `-70`, ìjàngbọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀, `-80` sì ti di kí a máa kígbe láti òkè odò. Nọ́ńbà náà kì í sọ̀ bí ti owó: bó bá fi 10 sọ̀, agbára tó ń dé ti ku ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ `-81`.

Ara ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ti ń sọ ọ́. Iná kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó pọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á ló ti pọ́n, wọ́n rò pé àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Lórí ọ̀pọ̀ ẹkisitẹ́ńdà, iná pupa yìí túmọ̀ sí pé ó jìnnà sí ráútà jù. Ó dùn mí nígbà tí mo rí i, torí ìwé pélébé tó ṣàlàyé rẹ̀ ṣì wà nínú páálí, wọn ò tú u.

Ibi tó yẹ kí ẹkisitẹ́ńdà wà ni ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń gbọ́ ráútà dáadáa, tí ohùn rẹ̀ sì tún lè dé ibi tí ẹ ti ń fẹ́ ẹ. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìdajì ọ̀nà. Ìdajì ọ̀nà dára gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ògiri ni kí ẹ kà, ẹ má ka mítà. Mítà mẹ́wàá nínú kọ́rídọ̀ tó ṣí sílẹ̀ sàn ju mítà mẹ́ta tí ògiri méjì àti fírísà wà nínú rẹ̀ lọ. Bó bá sì jẹ́ ilé alájà ni, dẹ́kìnì tí wọ́n da kọnkéré àti irin sí burú ju ògiri lọ. Ẹ wá ibi àtẹ̀gùn, torí ibẹ̀ ni ìgbì ti ń rí àyè gòkè.

Fóònù ni mo máa ń rán ṣíwájú. Mo pa ẹkisitẹ́ńdà, mo jẹ́ kí fóònù wà lórí ráútà nìkan, mo wá ń rìn bọ̀ láti pálọ̀, mò ń dúró níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà, mò ń wọ̀n ìyára. Ní ẹnu ọ̀nà kọ́rídọ̀, 31. Ní àárín kọ́rídọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá kejì, 26. Ní ẹnu ilé ìdáná, 11. Ó hàn kedere pé fírísà àti ògiri ilé ìdáná ni nǹkan ti já wálẹ̀. Àárín kọ́rídọ̀ ni mo mú. Ohun tí mò ń tẹ̀ lé ni pé kí n má lọ kọjá ibi tí fóònù ti ń rí ju ìdajì ohun tó rí nítòsí ráútà lọ.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn àga kan. Mo fi bọ́ọ̀sì alágbèéká gbé ẹ̀rọ náà sókè dé ìwọ̀n èjìká, kúrò lẹ́yìn àga. Mo ṣí ojú ewé ètò: `-62`. Iná pupa di àwọ̀ ewé. Láti `-81` sí `-62`, agbára tó ń dé etí ẹkisitẹ́ńdà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po ọgọ́rin, bẹ́ẹ̀ a ò ra nǹkan kan.

A lọ sí yàrá. Abẹ̀bẹ̀ kò kún. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ni, nígbà míì á sọ̀ sí méjì. Ẹ̀gbọ́n mi wojú mi.

"Ó ti dín kù," ó ní.

"Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n, àǹtí mi."

14 ni. Ìlọ́po márùn-ún ohun tó ń rí nígbà tí abẹ̀bẹ̀ kún. Nínú ogún ìbéèrè tí mo rán sí ráútà, gbogbo rẹ̀ ló bọ̀, èyí tó pẹ́ jù lọ sì jẹ́ `19ms`. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fídíò níbẹ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú tí ojú ò gan lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí òun ò retí. Ọkọ rẹ̀ jókòó sí pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń lo Wáìfáì kan náà. Ó ní kò dúró lónìí bó ṣe máa ń dúró. Kì í ṣe èèṣì. Ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà ni gbogbo ilé ń pín. Nígbà tí ẹkisitẹ́ńdà ń fa ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, gbólóhùn kan tó yẹ kó tán kíá ń gba àkókò gígùn, gbogbo ẹ̀rọ yòókù sì ní láti dákẹ́ títí yóò fi tán, àní èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà. Nítorí náà ìrìn kìíní tí kò dára kì í ṣe ẹjọ́ yàrá ẹ̀yìn nìkan.

Mo ní láti sọ ibi tí àtúnṣe yìí mọ. 14 ni a rí, kì í ṣe 32, a ò sì ní rí 32 bó ti wù ká gbé ẹ̀rọ yẹn káàkiri tó. Rédíò rẹ̀ kan ṣoṣo ni, ìdajì á máa lọ, orí ìgbì tí fóònù ń pè ní `2.4GHz` nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbì yìí ń la ògiri dáadáa, àmọ́ ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ni kì í wọ ara wọn nínú rẹ̀, 1, 6 àti 11, gbogbo àdúgbò ló sì ń pín in. Mo ka orúkọ Wáìfáì mọ́kànlá láti inú kọ́rídọ̀ yẹn.

Ẹkisitẹ́ńdà tó ní rédíò méjì sàn ju èyí lọ. Ó lè fi `5GHz` bá ráútà sọ̀rọ̀ kó fi `2.4GHz` bá fóònù sọ̀rọ̀, láìdúró de ara wọn. Àmọ́ ìgbì `5GHz` kì í fẹ́ràn ògiri. Bí ògiri méjì bá wà láàárín, ó lè jẹ́ pé òun gan-an ló máa kọ́kọ́ di aláìlera, a ó sì padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ó dára níbi tí ojú ọ̀nà bá ṣí, bíi kọ́rídọ̀, tàbí tó bá jẹ́ ògiri kan péré. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní méjì-mẹ́ta pọ̀ lórúkọ mẹ́ṣì náà, àwọn tó wọ́n nínú wọn ní rédíò ọ̀tọ̀ fún ìrìn kìíní. Mo fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ilé tí wọ́n ti ra mẹ́ṣì olówó ńlá, tí wọ́n gbé ọ̀kan sí pálọ̀ tí wọ́n gbé èkejì sí bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn ilé, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀: abẹ̀bẹ̀ kún, ìpè gan. Ẹ̀rọ tó wọ́n ò ní kí ògiri má jẹ́ ògiri.

Ohun tó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá ni wáyà. Bí a bá fa wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì láti ara ráútà dé ara ẹkisitẹ́ńdà, ìrìn kìíní ti kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ògbufọ̀ ti ní ohun tó ń sọ̀rọ̀ sí i létí tààrà. Ṣánẹ́ẹ̀lì di ti fóònù nìkan, ìdajì tó ń lọ tẹ́lẹ̀ padà wá. Ọ̀pọ̀ ẹkisitẹ́ńdà ló ní ihò fún un, tí ètò wọn sì ní ibi tí wọ́n kọ `Access Point` sí. Ibẹ̀ lẹ máa yí i sí, kó lè mọ̀ pé wáyà ni kó gbọ́ràn sí lẹ́nu. Wáyà tí wọ́n kọ `Cat5e` sí lára tó fún iṣẹ́ ilé, ó sì lè gùn tó mítà 100. Ihò ara ẹkisitẹ́ńdà olówó kékeré kì í sábà gbà ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ fún ilé tí 32 ń wọlé, ìyẹn ti pọ̀ jù. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ lọ́jà ni wáyà tí inú rẹ̀ kì í ṣe kọ́pà gidi, tí wọ́n kàn fi kọ́pà bo alumíníọ̀mù. Ó fúyẹ́, ó pọ́ọ́kú, ó sì máa ń ṣẹ́ nínú ibi tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ ò sì ní rí i láti ìta.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní 14 tó òun. Ó tó lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó di oṣù kejì, ọmọ rẹ̀ kékeré wálé láti fásitì, ó sì ń ṣe iṣẹ́ kan tó ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́ láti yàrá ẹ̀yìn, ni wọ́n bá pè mí padà. Oníná tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gun orí àjà, ó fa wáyà kọjá láti orí pálọ̀ dé orí yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Mítà 22 ló gbà, pẹ̀lú ibi tó ti yípo. A gbé ẹkisitẹ́ńdà padà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà láti ìbẹ̀rẹ̀, a sì ki wáyà bọ̀ ọ́.

Abẹ̀bẹ̀ kún. 30 ni ìyára. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n mú iná lọ, ó sì pè mí láti sọ fún mi pé ó ti wá lọ́ra báyìí bí iná bá lọ.